Páswọ́ọ̀dù Wáì-fáì yín tó jẹ́ nọ́ḿbà fóònù: ìṣẹ́jú 21 péré ló máa gbà kó tó tú

Tí ẹ bá dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni páswọ́ọ̀dù Wáì-fáì yín?", ìdáhùn tí ẹ sábà máa gbọ́ ni pé, "Nọ́ḿbà fóònù mi ni." Ó rọrùn láti rántí, ó sì gùn dé nọ́ḿbà 11. Ẹni tó ń lò ó rò pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n àfi ẹni tóun bá sọ ọ́ fún.

Irọ́ ni o. Ẹni tó wà ní ilé kejì lè mọ̀ ọ́n láìfọwọ́ kan ráútà yín, láìbá ẹnikẹ́ni nínú yín sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi rọrùn, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí i ní ìrọ̀lẹ́ òní pẹ̀lú ráútà tí ẹ ti ní nílé.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin dá owó jọ, wọ́n ra Máì-fáì kan, wọ́n ń ra dátà sí i lóṣooṣù. Orúkọ tó ń hàn lójú fóònù ni `Room7_Boys`. Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ni nọ́ḿbà fóònù ẹni tó lọ rà á. Dátà tó yẹ kó gbé wọn dé ìparí oṣù ń tán lọ́jọ́ kẹsàn-án. Oníkálukú ń fẹ̀sùn kan ẹnì kejì pé òun ló ń wo fíìmù lóru. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ń wo fíìmù. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni karùn-ún ti wà nínú ilé tí wọn ò mọ̀.

Bí fóònù àti ráútà ṣe ń bọwọ́

Ní gbogbo ìgbà tí fóònù yín bá fẹ́ wọ Wáì-fáì, òun àti ráútà máa kọ́kọ́ bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìbọwọ́ yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń sọ síra wọn lórí afẹ́fẹ́, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnì kejì mọ páswọ́ọ̀dù lóòótọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe páswọ́ọ̀dù náà síta.

Ráútà ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó máa fi nọ́ḿbà ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn ránṣẹ́ sí fóònù. Fóònù náà á ronú kan nọ́ḿbà tirẹ̀, á fi í ránṣẹ́ padà, á sì lu èdìdì kan sí i lára. Ohun tó fi ṣe èdìdì yẹn ni páswọ́ọ̀dù tí ẹ tẹ̀ sínú fóònù, pọ̀ mọ́ nọ́ḿbà méjèèjì, pọ̀ mọ́ àdírẹ́sì ẹ̀rọ méjèèjì. Ráútà náà mọ páswọ́ọ̀dù, ó sì ní gbogbo nǹkan yòókù lọ́wọ́. Òun náà á ṣe èdìdì tirẹ̀, á fi wé èyí tí fóònù fi ránṣẹ́. Tí méjèèjì bá bára mu, ó mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Á wá fi ọ̀rọ̀ kẹta ránṣẹ́ pẹ̀lú èdìdì tirẹ̀, kí fóònù náà lè mọ̀ pé ráútà gidi ni. Fóònù á dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó parí.

Kí wọ́n tó lo páswọ́ọ̀dù yẹn rárá, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata. Wọ́n á da orúkọ Wáì-fáì náà mọ́ ọn bí iyọ̀, kódà iyọ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ nígbà 4,096. Ata tó bá ti kúnná kì í padà di odindi. Ẹni tó bá rí ohun tí wọ́n lọ̀ ò lè yí i padà di páswọ́ọ̀dù.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ó dà bíi pé gbogbo nǹkan wà dáadáa. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní WPA2, ó ti wà láti ọdún 2004, òun náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà tí à ń lò.

Ibo wá ni ihò wà?

Ihò náà ni pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti bọwọ́. Ògiri ò dá a dúró. Ẹni tó jókòó sí ilé kejì pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù lè gba ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí: nọ́ḿbà ráútà, nọ́ḿbà fóònù, àdírẹ́sì ẹ̀rọ méjèèjì, orúkọ Wáì-fáì, àti èdìdì. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ìyẹn páswọ́ọ̀dù.

Kò ní gbìyànjú láti yí ata padà. Ohun tó máa ṣe ni pé á gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sílé, á máa méfò. Á mú páswọ́ọ̀dù kan tó ronú sí, á lọ̀ ọ́ nígbà 4,096 pẹ̀lú iyọ̀ kan náà, á fi ṣe èdìdì, á fi wé èyí tó gbà sílẹ̀. Kò bára mu? Á mú òmíràn. Kò bára mu? Òmíràn. Lọ́jọ́ tó bá bára mu, páswọ́ọ̀dù yín nìyẹn, kò sí àní-àní.

Tí èèyàn bá ṣi PIN tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nídìí ẹ̀rọ ATM, wọ́n máa dí káàdì ẹ̀. Àwọn tó ń méfò níbí kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé kì í ṣe ọwọ́ ráútà yín ni wọ́n ti ń dán an wò. Ráútà ò gbọ́, kò mọ̀, kò sì lè dá wọn dúró. Tí wọ́n bá ti gba ìbọwọ́ kan sílẹ̀, wọ́n lè fi oṣù mẹ́ta méfò ní ìlú mìíràn.

Ẹ lè sọ pé, "Ṣé á wá jókòó síbẹ̀ títí tí ẹnì kan á fi wọlé ni?" Kò pọn dandan. Nínú WPA2 bí ọ̀pọ̀ ráútà ṣe ń lò ó, ọ̀rọ̀ tí ráútà fi ń sọ fún fóònù pé "Jáde" kò ní èdìdì kankan. Ẹnikẹ́ni lè fi ohùn ráútà sọ ọ́. Fóònù tó bá gbọ́ ọ á jáde, á sì tún sáré wọlé padà. Ìbọwọ́ tuntun nìyẹn. Ní ọdún 2018, Jens Steube, ẹni tó ṣe áàpù ìméfò kan tí gbogbo ayé mọ̀, tún fi hàn pé lára àwọn ráútà kan, kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹnì kankan bá wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ráútà bẹ́ẹ̀ bá sọ ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìméfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ohun tó máa ń mú ìméfò yára ni káàdì tí àwọn tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà ń lò, èyí tó ń ya àwòrán géèmù sójú ẹ̀rọ. Káàdì kan tó jáde ní ọdún 2016, GTX 1080, lè dán nǹkan bí 400,000 páswọ́ọ̀dù wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó jáde láti 2022 tó lágbára jù lára wọn ń dán ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó ti pẹ́ yẹn ṣírò, torí pé ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ọ̀pọ̀ Máì-fáì ló ń bá nọ́ḿbà mẹ́jọ wá láti ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi páswọ́ọ̀dù. Nọ́ḿbà mẹ́jọ ní oríṣi 100,000,000. Ẹ pín in sí 400,000: ìṣẹ́jú àáyá 250. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lé díẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é ò tíì mu tíì tán.

Nọ́ḿbà fóònù ńkọ́? Ó gùn dé 11, àmọ́ gígùn yẹn ń tàn yín ni. Ní Nàìjíríà, gbogbo wa la mọ̀ pé 070, 080, 081, 090 tàbí 091 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ḿbà mẹ́jọ ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ márùn-ún, lọ́nà 100,000,000, jẹ́ 500,000,000. Ẹ pín in sí 400,000: ìṣẹ́jú àáyá 1,250, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 21. Iye yìí sì ni tó bá jẹ́ pé èyí tó kẹ́yìn pátápátá ló jẹ́ tiyín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti ń bá a. Àwọn ọmọ `Room7_Boys` ti wọ gbèsè nìyẹn.

Orúkọ àti ọdún ìbí, bíi `Oluwaseun2003`, tún burú ju ìyẹn lọ. Tí ẹni tó ń méfò bá kó orúkọ Yorùbá 5,000 jọ, tó sì so ọdún 100 mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdánwò 500,000 ni gbogbo ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan lé díẹ̀ ló máa gbà. Lẹ́tà ńlá tó wà níwájú àti nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn ò gba ẹnikẹ́ni là, torí gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn owó náà. Ká ní ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún láìyàn, láti inú ọ̀rọ̀ 2,000. 2,000 lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún jẹ́ 32,000,000,000,000,000. Káàdì kan náà á lo nǹkan bí ọdún 2,500. Kódà tí ẹnì kan bá kó káàdì ìgbàlódé mẹ́wàá jọ, bí ogójì ọdún ló máa gbà á. Ta ló fẹ́ fi ogójì ọdún jí dátà akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa: WPA2 ò bàjẹ́ níbí. Páswọ́ọ̀dù tó lẹ ló jẹ́ kí ìbọwọ́ náà lẹ.

Tó bá wọlé tán, kí ló lè ṣe?

Ó máa jẹ dátà, ìyẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Tó bá ti mọ páswọ́ọ̀dù, tó sì gba ìbọwọ́ fóònù yín sílẹ̀, ó lè ṣí ohun tí fóònù yẹn ń sọ fún ráútà. Àwọn ojúlé tó bá ní `https` ṣì ní ààbò tiwọn, kò ní rí ohun tí ẹ kọ sínú áàpù báńkì yín. Síbẹ̀, ó lè rí orúkọ ojúlé tí ẹ ń lọ àti àkókò tí ẹ ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ojú ìṣètò ráútà ń bẹ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ `admin` ni orúkọ ìwọlé, tó tún jẹ́ `admin` ni páswọ́ọ̀dù rẹ̀, bó ṣe máa ń wá láti ilé-iṣẹ́, ó lè yí i padà pé kí ráútà máa béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ orúkọ ojúlé kan, òun ló ń pinnu ibi tí ẹ máa dé. Bákan náà, tó bá fi Wáì-fáì yín lu jìbìtì, àdírẹ́sì ẹ̀rọ yín ló máa hàn ní òde. Àwọn tó ń wá a á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yín.

Ayédèrú ráútà: nígbà tí páswọ́ọ̀dù bá le jù fún un

Ká ní páswọ́ọ̀dù yín ti dára. Ọlọ́gbọ́n ayé á wá fi ẹ̀tàn gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tó máa ṣe ni pé á gbé ráútà tirẹ̀ dìde, á sì fún un ní orúkọ kan náà, `Room7_Boys`. Kò sí òfin kankan nínú Wáì-fáì tó sọ pé ẹni méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà. Fóònù yín ń fi orúkọ mọ Wáì-fáì, kì í fi ojú mọ̀ ọ́n.

Àmọ́, ẹ rántí ìbọwọ́ yẹn. Ayédèrú yìí ò mọ páswọ́ọ̀dù, nítorí náà kò lè ṣe èdìdì ọ̀rọ̀ kẹta. Tó bá pe ara rẹ̀ ní WPA2, fóònù yín á já a jù sílẹ̀. Nítorí ìyẹn ni ayédèrú fi sábà máa ń wá láìní àgádágodo. Á máa lé fóònù yín jáde nínú Wáì-fáì gidi léraléra. Ẹ̀yin á ṣí ojú ìwé Wáì-fáì, ẹ á rí `Room7_Boys` méjì, ọ̀kan ní àmì àgádágodo, ìkejì kò ní. Èyí tó ní àgádágodo ò fẹ́ gbà yín. Fóònù fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ ìkejì, torí ó mọ̀ pé ti ilé ní àgádágodo. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.

Ojú ìwé kan á wá yọ: "Ráútà yín nílò àtúnṣe. Ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù Wáì-fáì yín láti máa bá a lọ." Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tán nìyẹn. Kò ní láti méfò ohunkóhun.

Níbi tí Wáì-fáì ò ti ní páswọ́ọ̀dù rárá, bíi ti ilé oúnjẹ tàbí pápákọ̀ òfuurufú, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìbọwọ́ tó ń dán ẹnikẹ́ni wò níbẹ̀. Ẹni tí ìró rẹ̀ bá lágbára jù ni fóònù máa tẹ̀lé, tó bá ti wọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ti ilé ẹ̀kọ́ wá yàtọ̀. Àwọn tó wà ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Mánṣẹ́sítà mọ `eduroam` dáadáa, ó sì ń wọ àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa náà. Níbẹ̀, oníkálukú ló ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, páswọ́ọ̀dù yẹn sì lè jẹ́ èyí tí ẹ fi ń ṣí ímeèlì àti èsì ìdánwò. Ààbò tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ máa fi ìwé ẹ̀rí han fóònù kí fóònù tó sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wá yan "Do not validate" níbi `CA certificate` nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè yára, ẹ ti sọ fún fóònù pé kó má wo ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Ayédèrú `eduroam` lè gba ẹ̀rí páswọ́ọ̀dù yín láti inú àpò yín nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Ẹ yan "Use system certificates", kí ẹ sì kọ orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ fún yín sí ibi `Domain`. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní áàpù tó ń ṣètò rẹ̀ fún yín, ẹ lo ìyẹn.

Báwo lẹ ṣe lè fura?

Àmì àkọ́kọ́ ni kí gbogbo fóònù inú ilé já lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ẹ má tíì pariwo o: ráútà tó gbóná tàbí iná tó ń ṣẹ́jú lè fà á. Àmọ́ tí iná ráútà ò bá kú rárá, tó sì jẹ́ pé Wáì-fáì kejì tó ní orúkọ yín yọ lásìkò kan náà, ẹ fura gidi.

Àmì kejì ni kí fóònù tó ti ń wọlé láti oṣù mẹ́fà wá ṣàdédé béèrè páswọ́ọ̀dù, pàápàá tó bá jẹ́ inú buráúsà ló ti béèrè rẹ̀. Ráútà kì í gba páswọ́ọ̀dù Wáì-fáì nínú buráúsà láti lè "ṣe àtúnṣe".

Àmì kẹta ni orúkọ ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀. Ẹ wọ ojú ìṣètò ráútà, ẹ ka iye ẹ̀rọ tó wà nínú ilé. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, tí oníkálukú ní fóònù kan àti lápútọ́ọ̀pù kan, mẹ́jọ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fóònù ìgbàlódé máa ń yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà láti ibi kan sí ibòmíràn, nítorí náà ẹ má fi àdírẹ́sì nìkan fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ pa Wáì-fáì gbogbo fóònù àti lápútọ́ọ̀pù yín, kí ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo wò ó. Èyíkéyìí tó bá ṣì kù, kì í ṣe tiyín.

Ẹni tó bá ń lo Windows lè wo irú Wáì-fáì tó wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ:

```
netsh wlan show interfaces
```

Ẹ wo ìlà `Authentication`. Ó yẹ kó jẹ́ `WPA2-Personal` tàbí `WPA3-Personal`. Ìlà `Cipher` sì yẹ kó jẹ́ `CCMP`. Tó bá jẹ́ `Open` ní ilé tí ẹ ti mọ̀ pé páswọ́ọ̀dù wà, ẹ jáde kíákíá. Ẹ kọ `BSSID` tí ẹ bá rí sílẹ̀, òun ni àdírẹ́sì ráútà yín. Ayédèrú lè ṣe àfarawé òun náà, àmọ́ ẹni tí kò bá mọṣẹ́ dáadáa kì í rántí.

Ohun tí ẹ máa ṣe nírọ̀lẹ́ òní

Ẹ so mọ́ ráútà, kí ẹ ṣí buráúsà, kí ẹ tẹ `192.168.0.1`, `192.168.1.1` tàbí `192.168.8.1`. Èyí tó jẹ́ tiyín wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà.

Ẹ kọ́kọ́ yí páswọ́ọ̀dù `admin` yẹn padà. Kó má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Wáì-fáì.

Lẹ́yìn náà ni páswọ́ọ̀dù Wáì-fáì. Ẹ mú ìwé Yorùbá kan, ẹ ṣí i láìwò, ẹ fi ìka kan ọ̀rọ̀ kan. Tó bá kéré sí lẹ́tà mẹ́rin, ẹ fò ó, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "ni" àti "ti" lẹ máa máa bá pàdé. Ẹ ṣe é títí ọ̀rọ̀ márùn-ún á fi pé, kí ẹ sì má ṣe pààrọ̀ èyí tí kò wù yín, torí pé ìgbà tí ẹ bá ti ń yàn ni ìméfò ti ń rọrùn. Ẹ kọ wọ́n láìsí àmì ohùn àti láìsí àmì ìsàlẹ̀, torí pé lẹ́tà bọ́tìnnì lásán ni WPA2 ń gbà, láti mẹ́jọ dé 63. Ó máa rí bí èyí:

```
agbado-saworo-ikoko-buredi-oruka
```

Ẹ má lo èyí gan-an o! Gbogbo ẹni tó bá ka ibí yìí ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ yí orúkọ Wáì-fáì náà padà, tó bá ṣì jẹ́ èyí tó bá ráútà wá. Orúkọ ni iyọ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀, ẹnì kan lè ti lọ ata sílẹ̀ dè yín. Kó má sì ní nọ́ḿbà yàrá tàbí orúkọ yín nínú.

Níbi `Security`, ẹ yan WPA3 tó bá wà. Ó jáde ní ọdún 2018. Ìbọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ ò lè gbé e lọ sílé lọ méfò, ó ní láti béèrè lọ́wọ́ ráútà fúnra rẹ̀ fún ìméfò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ "Jáde" náà ti ní ààbò nínú rẹ̀. Tí fóònù àtijọ́ bá wà nínú ilé, ẹ yan `WPA2/WPA3`, àmọ́ ẹ mọ̀ pé WPA2 ni fóònù àtijọ́ yẹn á ṣì máa lò, nítorí náà páswọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ le síbẹ̀. Tí kò bá sí WPA3 rárá, ẹ yan `WPA2-PSK (AES)`. Tí ẹ bá rí `PMF`, ẹ tàn án. Tí fóònù kan bá kọ̀ láti wọlé lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sí `Capable`. Ẹ má yan WEP láéláé, wọ́n ti tú u láti ọdún 2001.

Ẹ pa `WPS`. Bọ́tìnnì yẹn ní PIN nọ́ḿbà mẹ́jọ. Ní 2011, Stefan Viehböck fi hàn pé ráútà máa ń sọ bóyá ìdajì àkọ́kọ́ tọ̀nà kó tó wo ìdajì kejì, nọ́ḿbà tó gbẹ̀yìn sì wà fún àyẹ̀wò lásán. Dípò mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìdánwò 11,000 ló kù. Páswọ́ọ̀dù yín lè le bí òkúta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣì wà ní ṣíṣí.

Ẹ wá ọ́púdéètì ráútà àti ti fóònù. Ní ọdún 2017, Mathy Vanhoef rí àṣìṣe kan nínú bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ kẹta ìbọwọ́ yẹn. Páswọ́ọ̀dù tó le ò lè tún ìyẹn ṣe, ọ́púdéètì nìkan ló tún un ṣe.

Tí àlejò bá ń wọlé, ẹ tan `Guest Network`, kí ẹ fún wọn ní páswọ́ọ̀dù ìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan bá kó kúrò nílé, ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Hótísípọ́ọ̀tì orí fóònù yín náà ò yàtọ̀, gbogbo òfin yìí bá a wí.

Ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀

Àwọn kan máa ní kí ẹ fi orúkọ Wáì-fáì pamọ́. Ẹ má dààmú ara yín. Orúkọ yẹn á tún hàn nígbà tí fóònù bá ń wọlé. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: fóònù tó mọ Wáì-fáì tó fara pamọ́ á máa pe orúkọ rẹ̀ kiri níbikíbi tí ẹ bá gbé e dé, kódà nínú bọ́ọ̀sì. Ayédèrú kàn ní láti dáhùn ni.

Ìkejì ni kí ẹ kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó lè wọlé sínú ráútà. Àdírẹ́sì yẹn ń lọ lórí afẹ́fẹ́ láìbò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè jẹ́ ẹ.

Níta, lórí Wáì-fáì tí kò ní páswọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí fóònù gbàgbé rẹ̀ tí ẹ bá ti lò ó tán. Tí buráúsà bá kìlọ̀ pé ìwé ẹ̀rí ojúlé kan ò tọ̀nà, ẹ má tẹ "máa lọ". Ìkìlọ̀ yẹn ni ibi tí ayédèrú ti sábà máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ pa Wáì-fáì, kí ẹ lo dátà yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ti ń yún láti dán an wò. Ẹ lè dán an wò lórí ráútà tí ẹ fi owó yín rà, tí àwọn tó ń lò ó sì gbà. Ti aládùúgbò ò sí nínú ẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ eré. Òfin ọ̀daràn orí ayélujára tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ka wíwọ ẹ̀rọ oníǹkan láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀ka 6, ó sì ka gbígbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀ka 12.

Ní ti àwọn ọmọ `Room7_Boys`, kò dìgbà tí wọ́n bá ra ráútà tuntun. Ọ̀rọ̀ márùn-ún látinú ìwé, WPS tí wọ́n pa, páswọ́ọ̀dù `admin` tí wọ́n yí padà: kò tó ìṣẹ́jú 21 tí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn máa fi tú nọ́ḿbà fóònù wọn. Tí dátà bá tún tán lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé fíìmù ni lóòótọ́.